Ìdí tí bátìrì mi kì í fi í kún kí oòrùn tó wọ̀

Bátìrì olómi tí mò ń lò n'Ílé-Ifẹ̀ jẹ́ 100 Ah, mo sì ti lo ìdajì. Páńẹ́lì ń gbé 10 A wọlé lọ́sàn-án gangan, mo wá pín 50 sí 10: wákàtí 5. Ilẹ̀ ṣú, kò kún.

Bátìrì kì í tọ́jú gbogbo iná tó bá wọ inú rẹ̀. Apá kan ń di ooru. Mo fi ìdá kan nínú márùn-ún kún un:

```
50 × 1.2 ÷ 10 = 6
```

Wákàtí 6 yẹn, ti oòrùn ọ̀sán gangan ni. Láàárọ̀, 3 A péré ni mò ń rí lójú kọntírólà. Tó bá sì kù díẹ̀ kó kún, bátìrì fúnra rẹ̀ a máa gba iná díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ti ń yó. Mo dín ìlò alẹ́ kù sí 20 Ah; ó ń kún báyìí.