Bí a ṣe ń yan fọ́ǹtì tó gbé àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà dáadáa

Ká ní kádì ìkómọjáde lẹ fẹ́ ṣe. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló wà lórí dísáìnì tí ẹ rà, ẹ sì fẹ́ fi "Ìkómọjáde Ẹ̀bùnolúwa Fọláṣadé" rọ́pò rẹ̀. Ẹ má tíì fọwọ́ kan kádì náà. Ẹ kọ́kọ́ mọ orúkọ fọ́ǹtì rẹ̀, kí ẹ ṣí ojú ewé òfìfo, kí ẹ sì fi fọ́ǹtì yẹn tẹ ìlà yìí gàdàgbà:

```
Ẹ̀ Ọ́ Ṣ ẹ̀ ẹ́ ọ̀ ọ́ ṣ ǹ ń m̀
```

Tí àpótí kékeré bá jáde níbi tó yẹ kí lẹ́tà wà, fọ́ǹtì náà kò ní lẹ́tà yẹn rárá. Èyí rọrùn láti rí. Èyí tó máa ń fara pamọ́ ni ìgbà tí ètò orí kọ̀ǹpútà bá lọ yá lẹ́tà náà lára fọ́ǹtì mìíràn: ẹ ó rí i pé "ṣ" sanra tàbí tín-ín-rín ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹ wo àmì ohùn náà. Ṣé ó dúró sí àárín orí lẹ́tà, àbí ó ti sún sí apá ọ̀tún?

Ìdí tó fi máa ń sún ni pé Unicode, ìlànà tó ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà lórí kọ̀ǹpútà, fún ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn, ṣùgbọ́n kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ẹ́ tàbí ọ̀. Fún ẹ́, lẹ́tà ẹ ni a kọ, a wá gbé àmì ohùn òkè tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ U+0301 lé e lórí. Fọ́ǹtì fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ mọ ibi tí àmì náà máa jókòó sí. Nítorí náà, ẹ má gbára lé fọ́ǹtì kan kìkì nítorí pé wọ́n ní ó gba èdè Vietnam. Àwọn náà ń lo ẹ àti ọ, ṣùgbọ́n wọn kò ní ṣ, wọn kò sì ní ẹ́.

Tí fọ́ǹtì kádì bá kùnà, Noto Serif, Gentium àti Charis SIL gbé gbogbo ìlà òkè yẹn. Wọ́n lè má rí bíi ìkọ̀wé ọwọ́ tó lọ́ mọ́ra wọn, ṣùgbọ́n ní tèmi, orúkọ ọmọ tó pé sàn ju ẹwà lọ. Ẹ pààrọ̀ fọ́ǹtì gbogbo orúkọ náà, kì í ṣe ti lẹ́tà kan ṣoṣo. Tí ẹ bá fẹ́ lẹ́tà kíki tàbí èyí tó dagun, ẹ dán ìyẹn náà wò lọ́tọ̀, torí fáìlì ọ̀tọ̀ ni wọ́n sábà máa ń jẹ́.

Ìgbà yìí lẹ tó lè fi orúkọ sórí kádì. Ẹ fẹ àyè àárín ìlà díẹ̀, pàápàá tí ẹ bá lo lẹ́tà ńlá, kí àmì orí Ẹ̀ má baà gún àmì abẹ́ ọ tó wà ní ìlà òkè. PDF tí wọ́n ti fi fọ́ǹtì sínú rẹ̀ ni kí ẹ fi ránṣẹ́ sí atẹ̀wé. Ẹ kọ́kọ́ ṣí i lórí fóònù tí kò ní fọ́ǹtì náà, kí ẹ sì ka orúkọ ọmọ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan.