Kí Káfíńtà Tó Gun Òrùlé Tí Sólà Wà: Bí A Ṣe Ń Já Iná Páńẹ́ẹ̀lì

Bí òrùlé bá ń jò lábẹ́ páńẹ́ẹ̀lì sólà, ohun tí ọ̀pọ̀ ilé máa ń ṣe ni pé wọ́n á pa ínfátà, wọ́n á ní kí káfíńtà máa gòkè lọ. Ojú ínfátà ti ṣókùnkùn, wọ́n gbà pé iná ti kú. Iná inú ilé ló kú. Ti orí òrùlé ṣì wà láàyè, nítorí ìmọ́lẹ̀ ọ̀run ló ń mú páńẹ́ẹ̀lì ṣiṣẹ́, kì í ṣe ínfátà. Tí ilẹ̀ bá ti mọ́, iná wà nínú wáyà tó sọ̀ kalẹ̀ láti òrùlé wá sínú ilé.

Ẹ jẹ́ ká mú ilé kan, irú èyí tí mo máa ń bá pàdé ní Ìbàdàn. Páńẹ́ẹ̀lì mẹ́jọ ló wà lórí páànù, wáàtì 450 lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n so wọ́n tẹ̀ léra bí ìlẹ̀kẹ̀ lára okùn, ìrù èyí mọ́ orí ìyẹn. Nígbà tí ohunkóhun kò bá fa iná lára wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbé nǹkan bíi fọ́ltì 49. Ìlọ́po mẹ́jọ rẹ̀ jẹ́ fọ́ltì 392. Iná NẸ́PÀ tó ń pààyàn, 230 ni. Ẹ má sì rò pé bí ẹ bá gòkè ní kùtùkùtù, ẹ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀: kí oòrùn tó ràn dáadáa ni fọ́ltì yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé.

Ìwà iná yìí tún yàtọ̀. Iná NẸ́PÀ máa ń kan òdo ní ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, nítorí náà bí iná bá fò láàárín wáyà méjì tí a fà ya, ó sábà máa ń kú fúnra rẹ̀. Iná páńẹ́ẹ̀lì, tí à ń pè ní dí-sí, kì í sinmi. Bí ẹ bá fà á ya nígbà tó ń ṣiṣẹ́, á fo àlàfo náà, á sì máa jó lọ. Ó ṣẹlẹ̀ lójú mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Káfíńtà kan fẹ́ gbé páńẹ́ẹ̀lì kúrò lọ́nà, ó fa ẹnu wáyà tí à ń pè ní MC4 ya nígbà tí ínfátà ń rọ iná sí bátìrì. Ó dún ṣàà, bí ìgbà tí omi kán sínú epo gbígbóná, ike ẹnu wáyà náà yọ́ bí àbẹ́là, awọ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì bó. Mi ò gbàgbé òórùn yẹn títí di òní.

Báyìí ni kí ẹ ṣe é. Ẹ kọ́kọ́ pa gbogbo ohun tó ń jẹ iná nínú ilé, kí ẹ pa bírékà iná tó ń jáde lára ínfátà àti ti NẸ́PÀ tó ń wọ inú rẹ̀, kí ẹ tó wá pa ínfátà fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ yí súwíìṣì dí-sí tó wà láàárín wáyà òrùlé àti ínfátà. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ jẹ́ orí pupa tó ń yí. Bírékà bátìrì ló kẹ́yìn. Iná ṣì ń bẹ nínú ikùn ínfátà fún ìgbà díẹ̀, nítorí náà ẹ dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún, tàbí iye tí wọ́n kọ sára rẹ̀ bó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹnikẹ́ni tó ṣí i. Ẹ fi àgádágodo ti súwíìṣì náà, kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lápò ẹni tó ń gòkè. Ọmọdé tó fẹ́ wo tẹlifíṣọ̀n lè tan án padà láìmọ̀.

Ibí yìí ni iṣẹ́ onílé parí sí. Ohun tó kù, ẹni tó kọ́ṣẹ́ sólà ni kó ṣe é, nítorí súwíìṣì yẹn já wáyà tó lọ sí ínfátà nìkan ni. Fọ́ltì 392 ṣì wà lókè.

Oníṣẹ́ náà á fi mítà tó ń fẹnu gbá wáyà mú wò ó bóyá iná ń ṣàn. Òdo ló gbọ́dọ̀ rí. Bó bá rí ohun mìíràn, á jẹ́ pé iná ti rí ọ̀nà ẹ̀yìn gbà, kò sì gbọ́dọ̀ fa ẹnu wáyà kankan. Bó bá rí òdo, kó tún wọn fọ́ltì láàárín wáyà ìrù àti férémù páńẹ́ẹ̀lì. Lára wáyà tó dára, òǹkà náà á máa rẹlẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀. Ká ní ó dúró gbagidi sí 147 ńkọ́? 147 jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta 49. Ara wáyà ti bó, ó sì ń kan férémù tàbí páànù ní oríkèé tó wà láàárín páńẹ́ẹ̀lì kẹta àti ìkẹrin, bí a bá kà á láti ìrù. Lọ́pọ̀ ìgbà eku ló jẹ ẹ́, tàbí kí etí páànù ti máa rẹ́ ẹ. Òrùlé yẹn kò ṣe é gùn títí wọ́n á fi tún ibẹ̀ ṣe.

Bí àyẹ̀wò méjèèjì bá dára, kó wá já ìlẹ̀kẹ̀ náà láàárín, kẹrin sí karùn-ún. Ó di 196 lápá kọ̀ọ̀kan. Kó máa já a lọ bẹ́ẹ̀ títí páńẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan á fi dá dúró pẹ̀lú 49 tirẹ̀, kó sì dé ẹnu wáyà gbogbo ní ìdérí. Bí okùn páńẹ́ẹ̀lì bá jẹ́ méjì, ìkejì náà ní àyẹ̀wò àti ìjá tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ìgbà yìí ni káfíńtà lè gòkè.

Ní Amẹ́ríkà, ẹ̀rọ ló ń ṣe ìjá yìí. Láti 2014 ni òfin iná mànàmáná wọn ti ń béèrè rẹ̀ fún sólà orí ilé, nítorí àwọn panápaná tó ní láti gun òrùlé. Ẹ̀dà 2017 sọ pé láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 30 tí wọ́n bá tẹ bọ́tìnnì, fọ́ltì àárín páńẹ́ẹ̀lì kò gbọ́dọ̀ ju 80 lọ, ti wáyà tó jáde kúrò níbẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ ju 30. Ẹ̀rọ kékeré ẹ̀yìn páńẹ́ẹ̀lì ló ń ṣe é. Ọ̀pọ̀ ilé tí mo ti ṣiṣẹ́ kò ní i. Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ṣe sólà, ẹ béèrè rẹ̀.

Ẹ yẹ súwíìṣì tàbí bírékà tó wà lójú wáyà òrùlé yín wò lónìí. Bí àmì ~ bá wà lára rẹ̀, ti iná NẸ́PÀ ni. Bí ẹ bá pa á nígbà tí iná dí-sí ń kọjá, iná lè máa jó nínú rẹ̀ títí àpótí á fi gbiná. Mo ti bá irú rẹ̀ nínú àpótí tó dúdú kirikiri.

Bí òrùlé bá gbiná, ẹ kó ènìyàn jáde, kí ẹ pe 112, tàbí 767 ní Èkó, kí ẹ sì sọ ọ́ lórí fóònù pé sólà wà lókè. Ẹ yí súwíìṣì dí-sí kìkì bí èéfín kò bá tíì dé ibẹ̀. Ẹ má da omi sí páńẹ́ẹ̀lì. Nígbà tí iná bá kú tán, ẹ má fọwọ́ kan páànù tó já bọ́: páńẹ́ẹ̀lì tó fọ́, tó jó lápá kan, ṣì lè máa mú iná wá ní ọ̀sán, kí wáyà tó bó sì gbé e sínú páànù.

Ẹ ya àwòrán kékeré kan nísinsìnyí: ibi tí páńẹ́ẹ̀lì wà, ibi tí wáyà gbà sọ̀ kalẹ̀, ibi tí súwíìṣì wà, iye fọ́ltì. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ mítà NẸ́PÀ níta, níbi tí panápaná tí kò wọ ilé yín rí ti lè kà á.