Nọ́ńbà Àjèjì Tó Ń Pè Lóru: Bí Ẹ Ṣe Lè Mọ Ẹni Tó Ni Ín

Ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ àti gàrí ní ọjà Wásò, ní Ògbómọ̀ṣọ́, gbé fóònù rẹ̀ wá sí ìpàdé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa. Ó ní nọ́ńbà kan ti pe òun nígbà mẹ́sàn-án láàárín oṣù kan lé díẹ̀, òru ló sì máa ń pè. Bí òun bá gbé e, tí òun sì ṣe "ẹ ǹ lẹ́ o", ẹni náà á dákẹ́ díẹ̀, á sì gé e. Kò fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ rí. Ọ̀rọ̀ náà ti dé àárín òun àti ọkọ rẹ̀, nítorí ọkọ ń bi í pé ta ló ń fi òru pe obìnrin ilé ẹni. Nítorí tirẹ̀, àti nítorí ọ̀pọ̀ ilé tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí, la ṣe kọ ìwé yìí.

Ẹ má fi àìfiṣẹ́ránṣẹ́ rẹ̀ nìkan dá ẹni náà lẹ́bi. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó ń wá èèyàn kì í bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀. Ó máa ń fláàṣì ni, kó lè jẹ́ pé ẹni tó pè ni yóò fi káàdì tirẹ̀ pè é padà. Àgbàlagbà tí kò mọ̀wé kò sì lè tẹ àtẹ̀jíṣẹ́. Ohun tó yẹ ká yẹ̀ wò ni nọ́ńbà náà fúnra rẹ̀, àti àkókò tó ń pè.

Ẹ kọ́kọ́ ka nọ́ńbà náà

Nọ́ńbà fóònù alágbèéká ti Nàìjíríà jẹ́ oókan mọ́kànlá, 0 ló sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Nígbà mìíràn, +234 ni yóò wà níwájú dípò 0 yẹn, ohun kan náà ni. Bí ẹ bá rí + tí 234 kò tẹ̀lé e, ìlú mìíràn ni nọ́ńbà náà ti wá: +232 ni Sierra Leone, +216 ni Tunisia, +252 ni Somalia. Bí ẹ kò bá ní èèyàn níbẹ̀, tó sì dún lẹ́ẹ̀kan péré kó tó gé, ẹ má pè é padà. Àwọn oníjìbìtì kan wà tó ń pe ẹgbẹẹgbẹ̀rún fóònù báyìí, tí wọ́n ń retí pé kí onífóònù pè wọ́n padà. Ìlà olówó gọbọi ni, wọ́n á sì máa dá yín dúró lórí rẹ̀ títí káàdì yín á fi tán. Òru ni wọ́n fẹ́ràn, torí oorun kì í jẹ́ kéèyàn wo nọ́ńbà dáadáa kó tó tẹ̀ ẹ́.

Bí ó bá jẹ́ ti Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń wo oókan mẹ́rin àkọ́kọ́ kí wọ́n tó sọ pé "MTN ni" tàbí "Airtel ni". Ẹ má gbára lé e. Láti ọdún 2013 ni wọ́n ti fún wa láyè láti gbé nọ́ńbà wa lọ sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì mìíràn, nítorí náà ẹni tó ní 0803 lè ti kúrò ní MTN tipẹ́.

Ti ìyá oní-èlùbọ́ yìí jẹ́ ti Nàìjíríà, ó sì máa ń dún títí á fi dákẹ́ fúnra rẹ̀ bí kò bá gbé e. Ìyẹn fi hàn wá pé kì í ṣe jìbìtì adún-lẹ́ẹ̀kan. Èèyàn gidi ló ń wá èèyàn gidi.

Ẹ kọ ọjọ́ àti aago sílẹ̀

Fóònù ń tọ́jú ọjọ́ àti aago ìpè kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ìpè mìíràn lè tì í lọ sísàlẹ̀. Ẹ dà á kọ sínú ìwé. A jókòó ti ìyá náà, a kọ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán sílẹ̀. Láàárín aago 11 ààbọ̀ alẹ́ sí aago 1 òru ni gbogbo rẹ̀ bọ́ sí. Nígbà tí a ka àlàfo tó wà láàárín wọn, ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin ni. Bàbá àgbàlagbà kan nínú ẹgbẹ́ ló kọ́kọ́ rí i. Ó ní, "Ọrọọrún mà nìyẹn! Àìsùn ọjà ni." Lóòótọ́, alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ ọjà oko kan lọ́nà Ìkòyí ni ìpè kọ̀ọ̀kan bọ́ sí. Ẹni tó ń pè, ọlọ́jà ni, tàbí àgbẹ̀ tó ń kó ẹrù lọ sọ́jà.

Aago máa ń tú àṣírí mìíràn. Bí ìpè bá ń wọlé ní nǹkan bí aago 11 alẹ́ ní òpin ọ̀sẹ̀, tí ẹ sì ní ọmọ tàbí àbúrò ní Amẹ́ríkà, ẹ rántí pé aago 5 tàbí 6 ìrọ̀lẹ́ ni lọ́dọ̀ ẹni tó wà ní New York. Àwọn tó ń fi káàdì ẹ̀dínwó pè láti òkèèrè lè hàn lórí fóònù yín bí nọ́ńbà Nàìjíríà tí ẹ kò mọ̀, torí pé àwọn kan ń fi síìmù àdúgbò gba ìpè òkèèrè wọlé ní bòókẹ́lẹ́ láti yẹ owó rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ lè dá a mọ̀ báyìí: bí ẹ bá pe nọ́ńbà náà padà, kì í lọ, tàbí kí ẹnikẹ́ni má gbé e láéláé. Ẹ bi ọmọ yín pé, "Ṣé ìwọ lo pè lálẹ́ Sátidé?"

Ẹ wá a nínú ilé kí ẹ tó wá a níta

Ẹ tẹ oókan mẹ́rin tó kẹ́yìn sí ibi ìwákiri nínú àtẹ̀jíṣẹ́ yín àti nínú WhatsApp. Ẹ wo ẹ̀yìn ìwé ìṣirò ọjà, ẹ wo ara ògiri ṣọ́ọ̀bù tí ẹ máa ń kọ nọ́ńbà oníbàárà sí. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí àwọn ará ilé àti ará ẹgbẹ́ tẹ nọ́ńbà náà sórí fóònù tiwọn, láìpè é. Bí ẹnikẹ́ni bá ti fi í pamọ́ rí, orúkọ tó fi pa á mọ́ yóò jáde lójú fóònù. Lójú tèmi, ọ̀nà yìí ni àwọn ará ìlú wa máa ń gbójú fò jù, bẹ́ẹ̀ ó sì dára púpọ̀ níbi táwọn èèyàn ti mọ ara wọn.

Orúkọ tó wà nínú àkáǹtì

Ọ̀nà kan wà tí àwọn ọmọdé mọ̀, tí àwọn àgbà kò tíì mọ̀ púpọ̀. Ní OPay àti PalmPay, nọ́ńbà fóònù oníbàárà ni nọ́ńbà àkáǹtì rẹ̀, a kàn yọ 0 iwájú kúrò, kó ku oókan mẹ́wàá:

```
0803XXXXXXX  →  803XXXXXXX
```

Ẹ ṣí ibi ìfowóránṣẹ́ lórí áàpù báńkì yín, ẹ yan OPay láàárín àwọn báńkì, ẹ tẹ oókan mẹ́wàá náà sí i, kí ẹ dúró. Bí ẹnì kan bá ti fi nọ́ńbà yẹn ṣí àkáǹtì, orúkọ rẹ̀ yóò jáde kí ẹ tó dé ibi tí wọ́n ti ń béèrè iye owó. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti padà. Ẹ má tẹ iye owó, ẹ má tẹ nọ́ńbà àṣírí yín. Bí kò bá sí ní OPay, ẹ tún un ṣe ní PalmPay. Ẹni tí kò ní áàpù lè bẹ oní-POS àdúgbò kó bá òun wò ó.

Orúkọ yìí ṣeé gbára lé ju ti Truecaller lọ. Ohun tí àwọn mìíràn fi pa nọ́ńbà náà mọ́ lórí fóònù wọn ni Truecaller sábà máa ń gbé jáde, ó sì lè jẹ́ èébú tàbí orúkọ ẹni tó ni síìmù náà tẹ́lẹ̀. Ti àkáǹtì gbọ́dọ̀ bá BVN tàbí NIN onítọ̀hún mu. Ṣùgbọ́n ó ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ: ẹni tó ṣí àkáǹtì ló ń fi hàn, kò fi hàn pé ẹni yẹn ló ń pè.

Bó ṣe rí fún ìyá oní-èlùbọ́ nìyẹn. Orúkọ obìnrin ló jáde. Ọkọ rẹ̀ mí kanlẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá náà kò mọ orúkọ ọ̀hún rí. A wá ní kí àwọn ará ẹgbẹ́ tẹ nọ́ńbà náà sórí fóònù wọn. Lórí fóònù ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń fi ọ̀kadà kó ẹrù, "Bàbá Oníṣu Ìkòyí" ló hàn. Ọmọ bàbá náà obìnrin ló fi nọ́ńbà bàbá rẹ̀ ṣí àkáǹtì.

Bí ẹ ṣe máa pè é

Ọ̀sán ni kí ẹ pè, kí ẹlòmíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, tó bá ṣeé ṣe kí ẹ lo ìlà mìíràn. Ẹ kí i, kí ẹ ní, "Ẹ jọ̀ọ́, a rí ìpè yín lórí fóònù wa, ta lẹ ń wá?" Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ sọ tirẹ̀. Ẹ má sọ orúkọ yín, ẹ má sọ ibi tí ẹ ń gbé, ẹ má sì ka oókan kankan tó bá wọlé sórí fóònù yín fún un.

Bàbá náà ní awakọ̀ tó máa ń bá òun kó iṣu lọ sọ́jà lòun ń wá, pé òru ni awakọ̀ náà máa ń sọ bóyá mọ́tò á wá ní ìdájí. Bí òun bá gbọ́ ohùn obìnrin, òun á rò pé ìyàwó rẹ̀ ni, òun á sì gé e kó má di ìjà. Ìyá oní-èlùbọ́ rántí pé oṣù kẹrin nìyẹn tí òun ra síìmù náà. Bí ìlà kan bá wà fún oṣù mẹ́fà láìṣe ohunkóhun tó ń mówó wọlé fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì, wọ́n lè tì í pa. Bó bá tún lo oṣù mẹ́fà bẹ́ẹ̀, ẹni tó ni ín lè pàdánù rẹ̀, kí wọ́n tà á fún ẹlòmíràn. Ìlà awakọ̀ náà ló wá di tirẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ ìhalẹ̀

Bí ẹni náà bá sọ̀rọ̀ ìhalẹ̀, tàbí tó dárúkọ ọmọ yín, ẹ má dá a wá kiri. Ẹ má san owó fún ẹnikẹ́ni tó ní òun lè "tọpa" nọ́ńbà fún yín. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í fún aráàlú ní orúkọ oníbàárà rẹ̀, àwọn agbófinró ló lè béèrè rẹ̀ lọ́nà òfin. Ẹ ya àwòrán ojú fóònù yín, ẹ mú ìwé tí ẹ kọ ọjọ́ àti aago sí, kí ẹ lọ sí tèṣàn ọlọ́pàá tó súnmọ́ yín. Òfin ìwà ọ̀daràn orí ẹ̀rọ ti ọdún 2015 ka ìhalẹ̀ orí ẹ̀rọ sí ẹ̀ṣẹ̀. Bí ewu bá wà lójú ẹsẹ̀, ọ̀fẹ́ ni ìpè 112.

Ìyá oní-èlùbọ́ kò dí bàbá oníṣu náà lọ́nà lórí fóònù rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin ọlọ́kadà náà ló bá bàbá wá nọ́ńbà tuntun awakọ̀ náà, ó sì kà á fún un nígbà mẹ́ta kó tó gbà pé ó ti wọlé.