Iná ọ̀kadà tó ń wòkè

Lójú ọ̀nà Adó sí Ìkẹ́rẹ́ lálẹ́, bí mo bá ti gbé èrò, àwọn onítírélà á máa tanná mọ́ mi lójú, mi ò sì ní tètè rí kòtò. Mo ra gílóòbù tó tún mọ́lẹ̀ sí i, kò yanjú ẹ̀.

Ìwúwo èrò ló ń tẹ ẹ̀yìn ọ̀kadà wálẹ̀, tí iná fi ń wòkè. Mo gbé e síbi ilẹ̀ tẹ́jú, mítà 5 sí ògiri, èmi àti èrò jókòó lé e. Mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ògiri níbi tó ga tó àárín iná. Mo tú bóòtù ẹ̀gbẹ́ iná díẹ̀, mo rẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ títí orí ìmọ́lẹ̀ fi wà ní sẹ̀ǹtímítà 5 sísàlẹ̀ àmì náà, mo sì dè é padà.

Kòtò ti ń hàn, àwọn onítírélà ò tanná mọ́ mi mọ́. Bóyá ti ọ̀kadà tiyín yàtọ̀. Àwọn kan ní ìdè lábẹ́ iná.