Ọ̀dítọ̀ fọwọ́ sí ìwé ìṣirò, síbẹ̀ owó ń jò

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́. Ọdọọdún ni ọ̀dítọ̀ ń fọwọ́ sí ìwé ìṣirò ilé-iṣẹ́ wa, àṣé akọ̀wé owó oṣù ti ń sanwó fún òṣìṣẹ́ ayédèrú. Ṣé a lè fi ìwé ọ̀dítọ̀ pe akọ̀wé náà lẹ́jọ́?

Ìdáhùn: Rárá o, nítorí pé kì í ṣe olè ni ẹ ní kí ọ̀dítọ̀ wá. Òfin Ilé-iṣẹ́ ti ọdún 2020 ní Nàìjíríà ló ní kí wọ́n yan ọ̀dítọ̀, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti sọ bóyá ìwé ìṣirò náà fi ipò owó yín hàn bó ṣe rí, láìsí àṣìṣe ńlá tó lè ṣi ẹni tó gbára lé e lọ́nà. Ẹ jẹ́ ká ní òṣìṣẹ́ 300 wà lórí ìwé owó oṣù, tí 2 nínú wọn jẹ́ ayédèrú. Bí ọ̀dítọ̀ bá mú orúkọ 25 yẹ̀ wò, ó ṣeé ṣe kó má kan ìkankan nínú àwọn 2 yìí, owó wọn sì lè kéré débi pé ọ̀rọ̀ tó sọ lórí ìwé ìṣirò yín kò ní yẹ̀.

Olùṣèwádìí ẹ̀sùn jìbìtì kì í mú díẹ̀ wò. Gbogbo orúkọ 300 ni yóò fi wé nọ́ḿbà àkáǹtì báǹkì àti ìwé tí òṣìṣẹ́ ń fọwọ́ sí láràárọ̀, kó lè rí orúkọ méjì tó ń gbowó sí àkáǹtì kan. Lẹ́yìn náà ni yóò wá ẹni tó tẹ orúkọ náà wọlé, ọjọ́ tó tẹ̀ ẹ́, àti bóyá ẹni náà wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, nítorí pé ẹlòmíràn lè mọ páásíwọọ̀dù rẹ̀.

Ìbéèrè: Ọmọ iṣẹ́ wa kan ti ṣí kọ̀ǹpútà akọ̀wé náà, ó sì ti kó fáìlì sí fláàṣì. Ṣé ẹ̀rí ti bàjẹ́ nìyẹn?

Ìdáhùn: Kò tíì bàjẹ́ tán, ṣùgbọ́n ẹ dáwọ́ dúró báyìí, torí pé ṣíṣí fáìlì lásán lè yí ọjọ́ tó wà lára rẹ̀ padà, ohun tí agbẹjọ́rò olùjẹ́jọ́ yóò sì kọ́kọ́ dìmú nìyẹn. Kí ọmọ iṣẹ́ náà kọ ohun tó ṣí àti àkókò tó ṣí i sílẹ̀, kó sì fọwọ́ sí i. Bí kọ̀ǹpútà náà bá ti kú, ẹ má tàn án mọ́. Ẹ dì í, ẹ lẹ̀ ẹ́ pa, kí ẹ sì máa kọ orúkọ ẹnikẹ́ni tó bá gbà á, pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí. Onímọ̀ yóò fi ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí nǹkan kan wọlé ṣe ẹ̀dà rẹ̀, yóò sì gba àmì ìdánimọ̀ ẹ̀dà náà:

```
sha256sum owo-osu.dd
```

Lẹ́tà àti nọ́ḿbà 64 ni yóò jáde. Bí ohunkóhun bá yí padà nínú ẹ̀dà náà, àmì yẹn kò ní bára mu mọ́ tí wọ́n bá tún un gbà kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ìwé tí ẹ bá tẹ̀ jáde láti inú kọ̀ǹpútà tún gbọ́dọ̀ bá abala 84 Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 mu: kí ẹ fi hàn pé kọ̀ǹpútà náà ni ẹ ń lò déédéé fún iṣẹ́ yẹn, pé ara rẹ̀ dá, kí ẹni tó ń bójú tó o sì fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí. Nínú ẹjọ́ Kubor àti Dickson ní ọdún 2012, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ kò gba ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì, nítorí pé wọn kò mú abala yìí ṣẹ. Àkọsílẹ̀ àkáǹtì tó wà lọ́wọ́ báǹkì kò sí lára ohun tí ọmọ iṣẹ́ yín fọwọ́ kàn, nítorí náà ẹ ní kí agbẹjọ́rò yín tètè gba ọ̀nà òfin béèrè rẹ̀.