Bí mo ṣe sọ májẹ̀mú ìwé àṣẹ àyíká di kàlẹ́ńdà iṣẹ́

Kúárì kan lẹ́yìn Òṣogbo ni mo ti ń ṣiṣẹ́, odò kékeré kan sì ń gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá lọ sínú odò Ọ̀ṣun. Nígbà tí ìwé àṣẹ àyíká wa jáde lábẹ́ òfin ọdún 1992 lórí àyẹ̀wò ipa tí iṣẹ́ ń ní lórí àyíká, ọ̀gá wa ní kí n to àwọn májẹ̀mú inú rẹ̀ sórí tábìlì, kí ó hàn ẹni tí yóò ṣe kí ni, àti ọjọ́ tí yóò ṣe é.

Èyí tó fún mi níṣẹ́ jù kà báyìí: kí á máa yẹ omi odò wò lóòrèkóòrè, kí á sì fi àbọ̀ ránṣẹ́ ní òpin oṣù mẹ́tamẹ́ta. Mo kọ́kọ́ dà á kọ sórí ìlà kan ṣoṣo, mo sì fi "agbaṣẹ́ṣe" síwájú rẹ̀. Àṣìṣe ni. Iṣẹ́ mẹ́rin ló wà nínú gbólóhùn yẹn: bíbu omi, àyẹ̀wò ní làbù, kíkọ àbọ̀, àti fífi í ránṣẹ́. Mo fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀.

Ìparí ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á bọ̀ sẹ́yìn. Àbọ̀ gbọ́dọ̀ jáde ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta. Ọ̀gá nílò ọjọ́ 5 láti kà á kó tó buwọ́ lù ú, èmi nílò ọ̀sẹ̀ kan láti kọ ọ́, làbù sì nílò ọ̀sẹ̀ méjì. Ọjọ́ 5 oṣù kẹta ni omi gbọ́dọ̀ ti dé làbù, ó pẹ́ tán.

Mo fi tábìlì náà han ẹ̀gbọ́n wa kan ní làbù. Wọ́n wò ó, wọ́n ní, "Àbúrò, ẹ má gbé omi ọjọ́ Jímọ̀ wá o." Àyẹ̀wò ọ́síjìn tí àwọn kòkòrò inú omi ń lò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 48, kí omi sì wà nínú yìnyín títí dìgbà náà. Tí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn ní òpin ọ̀sẹ̀, omi náà ti bàjẹ́ nìyẹn. Mo yí bíbu omi sí ọjọ́ Ajé tàbí Ìṣẹ́gun.

Ojú ibi méjì ni a ti ń bu omi: òkè kúárì àti ìsàlẹ̀ rẹ̀. Tí a bá ń bu ti ìsàlẹ̀ nìkan, tí odò sì pọ́n lákòókò òjò, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ bóyá ọ̀dọ̀ wa ni ẹrẹ̀ náà ti wá. A sì bu ti àkọ́kọ́ kí a tó yin òkúta rárá, torí bí iṣẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀, kò sí bí a ṣe fẹ́ mọ bí odò ṣe rí tẹ́lẹ̀.

Ipò ni mo kọ síwájú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, n kò kọ orúkọ ènìyàn: ọ́físà àyíká, igbákejì rẹ̀, àti ẹlòmíràn tí yóò wo ìwé ẹ̀rí làbù kó tó fọwọ́ sí i. Ní oṣù kẹsàn-án, ọ́físà àyíká wà ní ìsinmi ìbímọ. Igbákejì rẹ̀ gbé kúlà, ó bu omi ní ojú ibi méjèèjì láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, omi sì dé làbù kó tó di ọ̀sán.