Bọ́ọ̀tì yín ń sọ òfin àtijọ́: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn ìbéèrè tí ẹ̀yin àti àwọn òṣìṣẹ́ yín ń bi mí léraléra nípa bọ́ọ̀tì tí mo kọ́ fún yín láti máa dá oníbàárà lóhùn nìyí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó pè mí.

“Bọ́ọ̀tì kò dáhùn rárá.”

Ẹ wo àkọsílẹ̀ àṣìṣe. `401`: kọ́kọ́rọ́ ìwọlé ti yí padà tàbí wọ́n ti fagi lé e. `429`: ìbéèrè ti pọ̀ ju iye tí wọ́n gbà yín láàyè, tàbí owó inú àkáǹtì yín ti tán.

“A sọ pé ọjọ́ 14 ni oníbàárà ní láti dá ọjà padà, kì í ṣe 30 mọ́. Àmọ́ bọ́ọ̀tì ṣì ń sọ 30 nígbà mìíràn.”

Bọ́ọ̀tì kì í lọ ka ojú ewé yín nígbà tí oníbàárà bá béèrè nǹkan. A ti gé àwọn ìwé yín sí ègé-ègé sínú àká kan. Ègé tó bá sún mọ́ ìbéèrè jù lọ ló ń fà yọ láti fi dáhùn. Bí ẹ bá kó ìwé tuntun wọlé láìkó ti àtijọ́ kúrò, méjèèjì á jọ máa gbé ibẹ̀. Ẹni tó béèrè báyìí á bá 14 pàdé, ẹni tó béèrè lọ́nà mìíràn á bọ́ sórí 30.

Ẹ má kọ “má sọ 30 mọ́” sínú ìtọ́ni bọ́ọ̀tì. Bí ọjà kan bá ní ìdánilójú ọjọ́ 30, ẹ ti ba ìdáhùn ìyẹn náà jẹ́.

Ẹ ṣí àkọsílẹ̀ ìdáhùn tó kùnà, kí ẹ wo ègé tó fà yọ. Bí 14 bá wà nínú ègé tí bọ́ọ̀tì sì sọ 30, èmi ni kí ẹ pè. Bí ó bá jẹ́ 30 ló wà níbẹ̀, àká ló ní àrùn. Ẹ pa gbogbo ègé ìwé náà rẹ́ kí ẹ tó kó tuntun wọlé:

```
DELETE FROM chunks WHERE doc_id = 'idapada';
```

Lẹ́yìn náà, ẹ wá “30” àti “ọgbọ̀n” nínú gbogbo ìwé tó kù. Ìwé mìíràn sábà máa ń tún òfin kan náà sọ, òun gan-an ni wọ́n máa ń gbàgbé. Ẹ wá béèrè ní ọ̀nà márùn-ún, kí ìkọ̀ọ̀kan jẹ́ ìfọ̀rọ̀wérọ̀ tuntun, torí ìdáhùn àná tó ṣì wà lókè á máa fa bọ́ọ̀tì padà sẹ́yìn.

“Ṣé àtúnṣe yìí kò sí nínú owó tí a san?”

Kíkọ́ bọ́ọ̀tì àti kíkó ìwé àkọ́kọ́ wọlé ni àdéhùn wa. Ìtọ́jú ọ̀tọ̀ ni. Ẹ yan òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo tí yóò máa pààrọ̀ ìwé. Bí àwọn tó ni módẹ́ẹ̀lì tí bọ́ọ̀tì ń lò bá sì fẹ́ fẹ̀yìn rẹ̀ tì, a ní láti fi àwọn ìbéèrè ìdánwò wa dán tuntun wò kí a tó gbà á.

“Ṣé ẹ lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò ní ṣìnà mọ́?”

Rárá o. Ó lè fi ìgboyà sọ ohun tí kò sí nínú ìwé kankan, ẹ̀yin ni oníbàárà yóò sì bi. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, ìgbìmọ̀ ìdájọ́ kan ní Kánádà ní kí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Air Canada san owó fún èrò kan tí bọ́ọ̀tì rẹ̀ ṣì lọ́nà. Ìdí nìyẹn tí n kò fi fún bọ́ọ̀tì yín láṣẹ láti ṣèlérí owó: bí ọ̀rọ̀ bá ti kan dídá owó padà, òṣìṣẹ́ yín ló ń gbé e fún.